Ohun tí a jọ sọ lórí fóònù: báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè di ẹ̀rí?

Ìyá Ìbejì Apáta

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ ilé kan sí Ìbàdàn, òrùlé ni ó kù. Ní alẹ́ àná, èmi àti káfíńtà tó gba iṣẹ́ òrùlé náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, a sì fẹnu kò pé kí ó má ra páànù tó nípọn ní mìlímítà 0.45 mọ́, kí ó ra 0.55, kí n sì fi owó kún owó rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Kí ni kí n kọ ránṣẹ́ sí i, kí ọ̀rọ̀ yìí má baà di "èmi ò sọ bẹ́ẹ̀" lọ́la, kí ọkùnrin náà má sì rò pé olè ni mo pe òun?

Akọ̀wé Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ kọ ọ́ lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ kò pọ̀ tó ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kìíní, ohun kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì rántí. Nígbà tí ó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀yin á rántí pé ẹ ní kí ó ra 0.55, òun á rántí pé ẹ ní kí òun rà á bí òun bá rí i lọ́jà. Olúkúlùkù yín á sì lè búra. Ìwé tí a kọ kí ìjà tó dé ni ilé ẹjọ́ àti àwọn àgbà àdúgbò máa ń kà sí, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì mọ ibi tí ìjà yóò gbà wá.

Nípa pé kí ó má rò pé ẹ pe òun lólè, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ má kọ "gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣèlérí." Ẹ kọ "ohun tí mo gbọ́ pé a fẹnu kò sí nìyí, bí mo bá ṣì í gbọ́, ẹ tún un ṣe fún mi." Ẹ ti gba àṣìṣe náà sọ́rùn ara yín kí ẹnikẹ́ni tó bínú. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ gbé e wá síbí ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Fẹ́mi Ìkẹjà

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Bí ẹ bá tún fẹ́ pè é, ẹ jẹ́ kí fóònù yín gba ohùn náà sílẹ̀, ó parí. Ohùn rẹ̀ gan-an ju ìwé tí ẹ̀yin nìkan kọ lọ. Bí ẹ bá sì ti wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i tí kò dáhùn, ó ti gbà nìyẹn, torí ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Òfin mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Apáta

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ̀yin náà ẹ ṣé, bùọ̀dá Fẹ́mi, ṣùgbọ́n ìpè ti àná ti kọjá, n kò sì gba ohùn kankan sílẹ̀. Èyí ni mo kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ, ẹ ó ra páànù tó nípọn dáadáa, n ó sì san àfikún ₦252,000. Ẹ ó parí iṣẹ́ lásìkò. Bí òrùlé bá jò láàárín ọdún kan, ẹ ó wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣeun."

Akọ̀wé Àgbà

Ẹ ṣé tí ẹ fi hàn wá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ má bínú. Ṣé ẹ sọ ọ̀rọ̀ òrùlé jíjò lórí ìpè náà ní tòótọ́? "Lásìkò" yìí, ọjọ́ wo ni? Báwo ni ₦252,000 ṣe jẹ́?

Ìyá Ìbejì Apáta

Òtítọ́ ni mo máa sọ, bàbá, a kò sọ ọ̀rọ̀ jíjò rárá. Nígbà tí mo ń kọ ọ́ ni ó wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí a ti sọ ọ́. Owó náà: òrùlé jẹ́ 210 mítà onígun mẹ́rin, ìyàtọ̀ 0.55 sí 0.45 jẹ́ ₦1,200 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ni n ó san kí ó tó lọ sọ́jà, ìdajì yòókù nígbà tí páànù bá dé. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá ni òun máa lò lẹ́yìn tí páànù bá dé. Kò sí ohun tí a sọ nípa owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wá.

Akọ̀wé Àgbà

Ọ̀rọ̀ jíjò yẹn ni ìbá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fi ohun kan tí ẹ kò sọ kún ohun mẹ́rin tí ẹ sọ, tí ó sì rántí pé ẹ kò sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ ohun tí yóò fi sọ pé irọ́ ni gbogbo ìwé náà, pé ẹ fẹ́ fi ọgbọ́n gbé nǹkan lé òun lórí. Ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ibi tí a ti ń dúnàádúrà. Ohun tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, ẹ béèrè rẹ̀ nínú ìwé mìíràn, ẹ sì pè é ní ìbéèrè.

"Tó nípọn dáadáa" náà kò sọ nǹkan kan. Lójú ẹlòmíràn 0.45 nípọn dáadáa. Ẹ kọ nọ́ńbà, ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣírò owó náà kí ẹni tó bá kà á lè tún un ṣírò, ẹ sì kọ ohun tí ẹ kò tíì fẹnu kò lé lórí sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ti ìkẹyìn yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò dárúkọ, olúkúlùkù gbà pé ti ẹnìkejì ni. Bí èmi bá máa kọ ọ́, báyìí ni yóò rí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá káfíńtà. Ní ti ìpè tí mo pè yín lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ohun tí mo gbọ́ pé a fẹnu kò sí nìyí. Páànù àlùmíníọ́mù 0.55 ni ẹ ó rà dípò 0.45 tó wà nínú ìwé iye owó tí ẹ fún mi tẹ́lẹ̀. Àfikún owó jẹ́ ₦1,200 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, fún mítà 210, èyí tó jẹ́ ₦252,000. N ó san ₦126,000 kí ẹ tó lọ sọ́jà, n ó sì san ₦126,000 yòókù nígbà tí páànù bá dé ilé. Ẹ ó lo ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí páànù bá dé. A kò tíì sọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Gbogbo ohun yòókù tó wà nínú ìwé iye owó àkọ́kọ́ dúró bí ó ṣe wà. Bí mo bá ṣi èyíkéyìí gbọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un ṣe fún mi kí n tó san owó ní ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi kọ ọ́ padà pé 'bẹ́ẹ̀ ni, 0.55, ₦252,000.'"

Ẹ wo bí mo ṣe so ọjọ́ ìdáhùn mọ́ ọjọ́ tí owó yóò jáde. Ẹni tó ń retí ₦126,000 kì í pẹ́ kí ó tó kàwé.

Agbẹjọ́rò Kékeré

Bàbá ti sọ èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ bùọ̀dá Fẹ́mi lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà, ní ti ká dá àdéhùn tuntun sílẹ̀. Bí mo bá kọ̀wé sí yín pé mo ti ra mọ́tò yín ní mílíọ̀nù kan, tí ẹ kò sì dá mi lóhùn, mọ́tò yín kò di tèmi. Níbi tí ìdákẹ́jẹ́ ti lè ní ìtumọ̀ ni ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń ṣòwò pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìwé náà jẹ́ irú èyí tí ènìyàn yóò ta kò lójú ẹsẹ̀ bí kì í bá ṣe òtítọ́, pàápàá bí ó bá tún gba owó tí ìwé náà dárúkọ. Gbígbà tí ó gba owó yẹn ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá dákẹ́, kí Ìyá Ìbejì má sanwó, kí ó tún pè é.

Ní ti ẹ̀rọ, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà, abala 84, ni ó sọ bí ohun tó ti inú ẹ̀rọ jáde ṣe lè dé iwájú adájọ́, wọ́n sì tún fọwọ́ kan òfin náà ní ọdún 2023. Ó béèrè ìwé ẹ̀rí tí a fọwọ́ sí, tó sọ irú ẹ̀rọ tí ó ti jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohùn tí fóònù gbà sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí Wasáàpù, abala yẹn kan náà ni wọ́n jọ ń gbà kọjá. Nítorí náà, ohùn kò ní ọ̀nà àbùjá kankan, yàtọ̀ sí pé ẹni tí a gba ohùn rẹ̀ láìsọ fún un lè bínú títí ayé. Ẹ má ta fóònù tí ọ̀rọ̀ náà wà lórí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí.

Fẹ́mi Ìkẹjà

Mo gbà nípa ìdákẹ́jẹ́. Ní ti ohùn, n kò tíì gbà. Ìwé lè sọ pé "mo gbọ́ pé", ṣùgbọ́n ohùn kò lè ṣi ara rẹ̀ gbọ́.

Agbẹjọ́rò Kékeré

Kò burú, bùọ̀dá mi. Ogún ìṣẹ́jú ohùn tí ẹni méjì ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu, tí iná Nẹ́pà sì lọ láàárín rẹ̀, kí adájọ́ tó gbọ́ ibi tí wọ́n ti dárúkọ 0.55, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìlà mẹ́wàá.

Màmá Ṣadé

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ti pa gbogbo ọ̀rọ̀ èmi àti onílé mi rẹ́ lórí Wasáàpù nígbà tí fóònù mi kún, ó wá ń sọ pé a kò jọ sọ ọ́ pé n ó pín owó ilé san ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè rí i padà? Ṣé ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde?

Akọ̀wé Àgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá Ṣadé. Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí a ń sọ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní ọ̀rọ̀ Wasáàpù lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n lè ní kò ju pé nọ́ńbà yìí pe nọ́ńbà yẹn ní aago báyìí lọ. Ṣé ẹ ti san ìdá kan nínú owó náà, tí onílé sì gbà á láìsọ nǹkan kan? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé báǹkì ọjọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí i lónìí, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó gba owó. Kò lágbára tó èyí tí a kọ ní ọjọ́ kejì, ẹ má sì fi ọjọ́ àtijọ́ sí i lórí.

Ó mú mi rántí ohun kan fún Ìyá Ìbejì. Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, ẹ wo ojú ìwé káfíńtà lórí Wasáàpù bóyá `Disappearing messages` wà ní títàn. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì lè tàn án, bí ó bá sì wà ní títàn, ọ̀rọ̀ yín lè pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, tàbí ọjọ́ 7, tàbí ọjọ́ 90. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ṣì lè yí i padà láàárín ìṣẹ́jú 15, `Edited` yóò sì hàn lára rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ó bá dáhùn, ẹ lo `Export chat`, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ẹ sì ya àwòrán ibi tí fóònù ti kọ ìpè ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí, tòun ti iye ìṣẹ́jú rẹ̀. Ìyẹn á fi hàn pé ìpè wáyé, ìwé yín á fi hàn ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Òǹdó ní Pẹ́kàmù

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Kí Ìyá Ìbejì tó fi nǹkan ránṣẹ́, kí ó ka ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ dáadáa, bí ó bá wà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbí dá ẹjọ́ kan ní ọdún 2018, láàárín ilé iṣẹ́ Rock Advertising àti MWB tó fún un ní ọ́fíìsì lò. Rock jẹ gbèsè owó ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ̀ sì bá akọ̀wé gbèsè MWB sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n tún ètò ìsanwó náà tò. Rock ní àwọn fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wọn sọ pé àyípadà kankan kò ní í múlẹ̀ àfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí ìhà méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Adájọ́ àgbà ní bí ìwé ti wí ni yóò rí. Ìpè náà kò lè yí i padà.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, n kò sọ pé ó de ilé ẹjọ́ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìwé Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ Wasáàpù lè má tó. Kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i lójúkojú.

Ìyá Ìbejì Apáta

Ìwé iye owó nìkan ni ó fún mi, kò sí àdéhùn tí a fọwọ́ sí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ bí bàbá ṣe kọ ọ́ gan-an.

Káfíńtà Onírulé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà tí mo ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀. Inú mi kì í bàjẹ́ bí oníbàárà bá kọ ohun tí a sọ sílẹ̀. Oníbàárà kan sọ fún mi lórí fóònù pé kí n gé etí òrùlé kúrú, mo gé e, nígbà tí òjò ń fẹ́ wọ fèrèsé ó ní èmi ni mo fẹ́ jí páànù òun. Bí ó bá jẹ́ pé mo kọ ìlà méjì péré sí i ní ọjọ́ yẹn, n kì bá tí san owó páànù tí n kò jẹ. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́ ránṣẹ́ ṣáájú oníbàárà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, orí àkàbà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kà á, àwọn mìíràn kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Ẹ fi ohùn yín kà á sínú Wasáàpù lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ìwé àti ohùn pọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí a wọn páànù náà níṣojú yín kí ẹ tó san ìyókù, nítorí pé ojú kò lè fi 0.45 hàn yàtọ̀ sí 0.55, irinṣẹ́ ìwọnnípọn nìkan ni ó lè fi í hàn. Ìyẹn kò sí nínú ohun tí ẹ fẹnu kò sí, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀ bí bàbá ti wí.

Ìyá Ìbejì Apáta

Ó ti dáhùn. Àtàǹpàkò nìkan ni ó fi ránṣẹ́: 👍. Kò kọ ohun tí mo ní kí ó kọ. Ṣé ó gbà ni, àbí ó kàn ń sọ pé òun ti rí i?

Fẹ́mi Ìkẹjà

Ó ti gbà. Gbogbo ayé mọ ohun tí àtàǹpàkò jẹ́.

Agbẹjọ́rò Kékeré

Ìbéèrè yìí gan-an ti dé ilé ẹjọ́ ní Kánádà, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ẹni tó ń ra ọkà fún ilé iṣẹ́ kan bá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa hóró fláàsì, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 86. Lẹ́yìn ìpè náà, ó kọ àdéhùn sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ pé kí àgbẹ̀ náà jẹ́rìí sí i. Àgbẹ̀ fi 👍 dáhùn. Nígbà tí owó fláàsì gun òkè, kò kó o wá, ó ní òun kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ òun ni. Ní ọdún 2023, adájọ́ ní àtàǹpàkò yẹn tó ìfọwọ́sí, ó sì ní kí ó san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé adájọ́ dé ibẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ń ṣòwò tipẹ́, àgbẹ̀ náà a máa fi ọ̀rọ̀ kúkurú bíi "ó dáa" dáhùn irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì máa kó ọkà wá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin àti káfíńtà yìí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín nìyí. Bí àtàǹpàkò rẹ̀ yóò ṣe rí lójú adájọ́ ní Ìbàdàn, n kò ní í fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà

Ẹ má jẹ́ kí a lọ sí Kánádà jìnnà. Owó ọjọ́ Ẹtì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ sí i pé: "Ẹ ṣé, mo rí i. Ṣé páànù 0.55 àti ₦252,000 ni kí n mú lọ, àbí ẹ ní àtúnṣe? Tani yóò san owó ọkọ̀?" Ìbéèrè tí àtàǹpàkò kò lè dáhùn ni kí ẹ bi í.

Ìyá Ìbejì Apáta

Ẹ̀yin ará ilé, ó pè mí padà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́. Ó kọ pé: "Bẹ́ẹ̀ ni mà, 0.55, ₦252,000. Ṣùgbọ́n káàpù orí òrùlé ò sí nínú ẹ̀ mà, 0.45 ni mo ṣírò fún káàpù. Ọkọ̀ tiyín ni mà." Lójú tèmi, gbogbo òrùlé ni a sọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí àwa méjèèjì pè ní òrùlé lórí fóònù kì í ṣe ohun kan náà, n kò sì bínú sí i, nítorí pé nígbà tí mo tún un rò, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dárúkọ káàpù.

Mo ti dá a lóhùn pé kí ó sọ iye tí káàpù 0.55 yóò fi kún un, àti pé n ó san ìdajì owó ọkọ̀. Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè, n kò kọ ọ́ bí ohun tí a ti fẹnu kò sí. Kò tíì dáhùn. Owó ọjọ́ Ẹtì ṣì wà ní báǹkì.